Owó Ṣọ́ọ̀bù Tí A Gbà Lẹ́yìn Ọjọ́



Onílé tó kọ̀wé sí olóòtú láti Savalou sọ pé, níwọ̀n bí ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù ti dá ọjọ́ karùn-ún oṣù fún owó, òun lè lé ayálégbé jáde lọ́jọ́ kẹfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan gbáko ni òun fi ń gbowó lógúnjọ́ láìjanpata. Èmi ará Bantè kò gbà, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹjọ́ kan fi èyí hàn: ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oppenheim ní kí wọ́n kan ara mọ́tò fún òun. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá ní oṣù Ẹ̀rẹ́nà 1948, ó sì ń rọ̀ wọ́n ṣáá kí wọ́n ṣe é parí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 29 oṣù Òkúdu ó kìlọ̀ pé bí 25 oṣù Agẹmọ bá kọjá, òun kò gbà á mọ́. Oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n tó gbé e dé, ilé ẹjọ́ sì gbè é. Ìkìlọ̀ tó fúnni láàyè ló dá ọjọ́ padà.

Lọ́dọ̀ wa, abala 133 òfin ìṣòwò OHADA ti 2010 pàṣẹ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀: kí ó dárúkọ àdéhùn tí ayálégbé rú, kí ó sì fún un ní oṣù kan láti ọjọ́ tó gbà á, kí a tó lọ sílé ẹjọ́. Abala 134 kò jẹ́ kí a fi àdéhùn yẹ èyí. Gbólóhùn «láìsí ìkìlọ̀» inú ìwé àdéhùn onílé yìí ṣubú, àmọ́ iye owó àti ọjọ́ karùn-ún dúró, bí ìgbà tí a gé ẹ̀ka tó rà tí igi kò wó. Kí onílé náà kọ ìkìlọ̀ yẹn lónìí, kí ó sì pa ẹ̀rí pé ó tẹ ayálégbé lọ́wọ́ mọ́.