Ẹ Yé Fi Nọ́ńbà Ta Gáùn Ìyàwó, Ibi Tó Tóbi Jù Lára Rẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwa tí à ń ta gáùn ìgbéyàwó, ó sì tún kan gbogbo wa tí a lọ́mọbìnrin nílé. Ìjà tó pọ̀ jù láàárín oníbàárà àti ẹni tó ta gáùn kì í ṣe ti owó. Ti gáùn tí kò wọlé ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí ìyàwó lọ́la ni. Lójú tèmi, àwa tí à ń tà á ló ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ á dé, a ó bi í pé, "Nọ́ńbà wo lò ń wọ̀?" Á ní 14. A ó fa 14 jáde, a ó gba owó. Ṣùgbọ́n 14 tí ọmọ yẹn ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ kì í ṣe 14 ti gáùn ìyàwó. Gáùn ìyàwó sábà máa ń kéré ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára lọ, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Téèpù nìkan ni kì í purọ́.

Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wọ̀n: àyà níbi tó ti yọ jù, ibi tí à ń de ìgbànú sí, àti ìdí níbi tó ti kún jù. Kí ọmọ wọ kọ́mú tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, kó bọ́ ìró àti bùbá sílẹ̀, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó sì mí bó ṣe ń mí. Ẹ má fa téèpù le torí pé ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ wá mú ìwé ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ tó rán gáùn yẹn, kẹ́ ẹ fi ara ọmọ wé e. Nọ́ńbà tí ibi tó tóbi jù bá bọ́ sí ni kẹ́ ẹ tà fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 38, ibi ìgbànú 32, ìdí 45. Nínú ìwé ìwọ̀n gáùn tó fẹ́, àyà 38 bọ́ sí nọ́ńbà 14, ìgbànú 32 bọ́ sí 16, ìdí 45 bọ́ sí 18. Bí gáùn náà bá jẹ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ ara dé orúnkún, 18 ni tirẹ̀. Ọmọ á fajú ro, á ní òun ò sanra tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní rí nọ́ńbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gáùn tó fún mọ́ ọn nídìí ni gbogbo ayé máa rí.

Àmọ́ bí ìsàlẹ̀ gáùn bá fẹ̀ bí agboòrùn, ìdí kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, àyè ti wà fún un. Àyà àti ìgbànú nìkan la ó wò, 16 á sì tó ọmọ yìí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ta èyí tó tóbi láìnídìí, tí télọ̀ á wá máa gba owó iṣẹ́ tí kò yẹ kó wà rárá.

Kí ló dé tí mo fi ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ibi tó tóbi? Torí pé a lè dín aṣọ kù, ṣùgbọ́n a ò lè tú ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde. Ẹ yí gáùn síta, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Aṣọ tó ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn ojú rírán, òun ni àlékún tí télọ̀ lè tú. Bí àlékún náà bá jẹ́ ¾ ínṣì, télọ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ¼ sílẹ̀ kí ojú rírán má baà ya. Ó ku ½. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni etí aṣọ mẹ́rin, etí mẹ́rin ní ½ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 2 péré. Bí ọmọ wa bá ra 14, ínṣì 4 ló nílò nídìí. Níbo ni 2 yòókù á ti wá? Ẹ má sì gbàgbé aṣọ ìnú, tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní àlékún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, títú ti òde kò wúlò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a bá tú sátìn, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ sábà máa ń hàn.

Bí ẹ bá rí gáùn tí ẹ̀rọ ti gé etí rẹ̀ títí kan ojú rírán, tí kò ṣẹ́kù ju ¼ lọ, kò sí títú nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kó tó sanwó.

Dídín náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nọ́ńbà 18 tí ọmọ yẹn rà á tóbi jù ú lọ ní ínṣì 4 láyà. Bí télọ̀ bá gba gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nìkan, abẹ́ apá á fà, iṣẹ́ ọnà iwájú á sì wọ́ lọ sẹ́yìn. Kó gba ½ ní etí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́, ínṣì 2 nìyẹn. Kó tún gba ½ ní etí kọ̀ọ̀kan lára ojú rírán gígùn méjì tó gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ínṣì 2 míì. Ó pé 4, kò sì fọwọ́ kan iwájú. Kó má gé èyí tó gbà wọlé kúrò títí ìyàwó á fi parí, torí ara lè yí padà.

Òkèèrè ni olójú-jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Kí ọmọ wọ̀ ọ́ wò fún télọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, kó mú bàtà àti kọ́mú ọjọ́ náà dání. Kó tún wọ̀ ọ́ kẹ́yìn nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìyàwó bá lóyún, ẹ má ta èyí tó lẹ̀ mọ́ ara fún un. Bí ó bá ti rà á, tí àlékún sì ti tán, kí télọ̀ yọ ṣíìpù ẹ̀yìn, kó fi okùn dídì àti aṣọ pélébé sábẹ́ rẹ̀ dípò. Ìyẹn lè fún un ní ínṣì bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í kéré.

Èrò mi nìyí: kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń ta gáùn ní téèpù àti ìwé ìwọ̀n, kí a yí gáùn síta lójú oníbàárà, kí a sì kọ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn rìsíìtì. Bó bá padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, rìsíìtì ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó gbé tirẹ̀ wá sí ìpàdé.