Àròkọ Àwọn Ọmọ Wa àti Ẹ̀rọ Akọ̀wé

Láti òpin oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ẹ̀rọ akọ̀wé tí à ń pè ní ChatGPT jáde, ni àwọn olùkọ́ ti ń ráhùn pé àròkọ tí àwọn ọmọ ń gbé wá láti ilé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. Àwọn kan nínú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ kí a ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa tú àwọn ọmọ náà fó. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ChatGPT fúnra rẹ̀ gbé irú ẹ̀rọ atúnifó bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Kò pé oṣù méje tí ó fi ká a kúrò nílẹ̀, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stánfọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ àròkọ 91 wò, èyí tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Irú ẹ̀sùn èké bẹ́ẹ̀ ni yóò já lé àwọn ọmọ tiwa lórí.

Lójú wa, ọ̀nà tí a ń gbà fún àròkọ ní máàkì ni ó yẹ kí a tún ṣe. Ìwé tí ó ti parí nìkan ni à ń gbà, ìwé tí ó ti parí ni ẹ̀rọ sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọ̀gá ahunṣọ kì í dúró títí aṣọ yóò fi kúrò lórí òfì kí ó tó mọ̀ bóyá ọmọṣẹ́ òun mọ iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń ta òwú, ojú rẹ̀ ni ó sì ti ń hun ún.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó bí ẹni pé olùkọ́ kan ní ọmọ 40, tí wọn yóò kọ àròkọ lórí ọjà àdúgbò wọn. Ó pín iṣẹ́ náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbà kan tí ó ti pẹ́ lọ́jà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé: máàkì 20. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú kọ ìwé ìṣáájú nínú kíláàsì, láìsí fóònù, àkọsílẹ̀ wọn nìkan ni ó wà lórí tábìlì: máàkì 30. Olùkọ́ gba ìwé náà pa mọ́, ó sì kọ ìbéèrè kan tàbí méjì sí etí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tún un kọ nílé, ó sì fi ojú ìwé kan sọ ohun tí ó yí padà, ìdí tí ó fi yí i padà, àti ohun tí kò tíì yé e: máàkì 30. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, olùkọ́ na ọwọ́ sí gbólóhùn kan nínú ìwé náà, ó sì bi ọmọ bí ó ti dé ibẹ̀: máàkì 20.

Ẹni tí ó bá gbé ti ọ̀sẹ̀ kẹta fún ẹ̀rọ kò jèrè púpọ̀, nítorí pé ìwé ìṣáájú wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí ìyá aláta tí ó kún inú àkọsílẹ̀ bá di àwátì nínú ìwé ìkẹyìn, tí ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní orísun sì gba ipò rẹ̀, kí olùkọ́ pe ọmọ náà kí ó bi í léèrè. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé ó jalè; ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀nà yìí ní àléébù tirẹ̀. Bí a bá sọ ìbéèrè pàtó ṣáájú ọjọ́ ìkọ̀wé, ọmọ yóò há àròkọ ẹ̀rọ sórí, yóò sì wá dà á sílẹ̀ nínú kíláàsì. Nítorí náà, nínú kíláàsì gan-an ni kí a ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrònú ara ẹni nìkan kò tó, nítorí ẹ̀rọ lè hun ìtàn ìyá àgbà tí kò sí rí, pẹ̀lú omijé lójú rẹ̀. Ìrònú tí ó níye lórí ni èyí tí olùkọ́ lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìṣáájú kí ó sì rí i bóyá wọ́n bára mu.

Àkókò ni ó ṣòro jù. Bí olùkọ́ bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta péré pẹ̀lú ọmọ kọ̀ọ̀kan, 120 ìṣẹ́jú ni, èyí tí í ṣe odindi iṣẹ́ kíláàsì mẹ́ta. Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin ìgbìmọ̀ pé kí ẹ má ṣe béèrè àròkọ mẹ́rin ní sáà kan mọ́. Ẹ gba ẹyọ kan tí a ṣe délẹ̀, kí ẹ sì fi owó ẹ̀rọ atúnifó gba olùkọ́ kún olùkọ́.