Ìdákẹ́jẹ́ Ìyàwó Tuntun Kì Í Ṣe Ìgbéraga

Láàárín oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí, obìnrin mẹ́rin ló ti wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà: "Bàbá, láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti lọ sílé ọkọ, kò mọ̀ mí mọ́." Gbogbo wọn ló ti mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ ni, ìyá ọkọ ni, tàbí kó jẹ́ àwọn ayé. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi kò ju iye tí wọn yóò fi rúbọ lọ. Èmi ò gbà pé ọwọ́ ayé ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tó máa ń ya ọ̀rẹ́ méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó wà níta gbangba, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan nínú wọn. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sì fi jẹun nínú abọ́ kan náà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ fẹ́ ṣègbéyàwó, òun ló rán gbogbo aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí ti ìyàwó fúnra rẹ̀. Bẹẹrẹ ni ilé ọkọ wà, kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá rárá. Síbẹ̀, oṣù márùn-ún kọjá, ìyàwó ò yà ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí télọ̀ bá pè é láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó jẹ́ àkókò tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní gbé e. Lọ́jọ́ kejì, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "màá pè ọ́." Kò ní pè. Ni télọ̀ bá dẹ́kun pípè, ó ní kí òun wò ó bóyá á rántí òun. Oṣù méjì tún kọjá.

Ó bi mí bóyá wọ́n ti fi nǹkan ṣe ọ̀rẹ́ òun. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, mo fún un ní ìbò, owó ẹyọ sí ọwọ́ kan, eegun sí ìkejì. Ifá ní kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ ayé ju kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fẹnu ara wọn sọ.

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti wọ ilé ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo ní kó sọ gbogbo ohun tó fojú rí. Ó ní pálọ̀ ni wọ́n fi òun jókòó sí pẹ̀lú ìyá ọkọ àti àwọn àbúrò ọkọ, inú ilé ìdáná ni ọ̀rẹ́ òun sì wà. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlá lọ ké pé, "Ìyàwó wa!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn pé, "Ẹ̀yin Akọ̀wé!", ó sáré gbé omi wá fún un. Nígbà tó gbé oúnjẹ dé, ó kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn, ó kí òun bí ẹni ń kí àlejò, ó sì pa dà sí ilé ìdáná. "Bàbá, ńṣe ló ń ṣe bí ìyàwó ńlá lójú mi."

Ìyàwó ńlá kẹ̀? Àbíkẹ́yìn ilé ló rí yẹn. Nínú agboolé wa, ọjọ́ tí obìnrin wọlé ọkọ la fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1997. Ọmọ yòówù tí wọ́n ti bí sínú ilé kí ìyàwó tó dé, àgbà ni fún un, kò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó fi ń fún wọn lórúkọ tirẹ̀: Akọ̀wé, Adúmáadán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó. Obìnrin tó ti ní ọmọọṣẹ́ méjì lábẹ́ rẹ̀ lánàá, ọmọ ilé-ìwé ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lónìí. Télọ̀ rò pé ọ̀rẹ́ òun ti gòkè fi òun sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló wà.

Kí ló dé tí kò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ kẹ́yìn kó tó jáde nílé ni pé ọ̀rọ̀ ilé ọkọ kì í dé ìgboro. Bó bá gbé fóònù láago mẹ́sàn-án alẹ́, nínú yàrá tó fara ti yàrá ìyá ọkọ, kí ló fẹ́ wí? Bó bá ní "dáadáa ni," irọ́ ló pa. Bó bá sọ òótọ́, ó ti tú àṣírí ilé. Ó kúkú fi fóònù sílẹ̀. Ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó kù ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn ẹbí ń sọ sí i létí lójoojúmọ́: "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o rí i pé ọ̀rẹ́ rẹ ti lọ?" Ọ̀rọ̀ méjèèjì á wá dà bí ẹyọ kan létí rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ní Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, Òkukù àti àyíká wọn, ìyàwó máa ń sun ẹkún kó tó lọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní rárà ìyàwó. Láti kékeré ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ. Bó bá ti kù díẹ̀ kó lọ, á máa ká ilé àwọn òbí àti ẹbí, á máa dúpẹ́, á máa tọrọ ìre, á sì máa sọ jáde pé ẹ̀rù ibi tí òun ń lọ ń ba òun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e kiri, tí wọ́n ń bá a kọrin. Etí ara wọn ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ta ni nínú wọn ni yóò sọ pé ìyàwó ń gbéra ga?

Lónìí, alága ìjókòó àti alága ìdúró ló ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó, ó ń kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n bá ní kó kúnlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń jó lẹ́yìn rẹ̀. N ò ní kí àwọn alága má jẹun, iṣẹ́ wọn dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyàwó ni wọ́n gbà, ọ̀rẹ́ sì ń pa dà sílé láìgbọ́ nǹkan kan.

Ta ló wá yẹ kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀? Lójú tèmi, ìyàwó ni. Ó lè wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í ní ohun tó wá ṣe. Ọ̀rẹ́ kò lè wọ ilé ọkọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa sọ fún ìyá ọkọ kó tó jáde, ọ̀rẹ́ sì lè fún un ní ohun náà. Mo ní kí télọ̀ mú aṣọ kan tí ìyàwó ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó lọ, kó rán an, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìsí ìbínú nínú rẹ̀, láìsí "kí ni mo ṣe fún ọ": "Aṣọ rẹ ti ṣetán, wá wọ̀ ọ́ wò lọ́jọ́bọ̀." Ìyá ọkọ wo ló máa ní kí ìyàwó má lọ sọ́dọ̀ télọ̀?

Ó wá. Wákàtí mẹ́ta ló lò. Télọ̀ ní kò tíì jókòó tán tó fi bú sẹ́kún.

Kò pa dà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ti lọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ọmọ bá dé, ìyẹn náà yóò yẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ti obìnrin kẹrin yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ tirẹ̀ ń rí àyè lọ sóde àríyá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń gbé fọ́tò òun àti àwọn ọ̀rẹ́ tuntun sórí Wọ́ọ̀tsáàpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin yìí ti wá ìdí tó lè fi jáde fún un, kò wá, kò sì sọ ìdí tí kò fi wá. Ilé ọkọ kọ́ ló de ẹni yẹn. Mo ní kó jẹ́ kó máa lọ. Òun náà béèrè iye tí yóò fi rúbọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè pa dà. Mo ní kó máa gbé owó rẹ̀ lọ sílé.