Ẹ Jẹ́ Kí Bébà Ṣáájú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ àwọn síláìdì tí à ń gbé wá síwájú kíláàsì ni mo fẹ́ sọ lórí ògiri yìí. Èrò mi ò gùn: kí ẹgbẹ́ kankan má ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àfi tí wọ́n bá ti to gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sórí bébà alẹ̀mọ́ kéékèèké, tí olùkọ́ sì ti rí i. Mo ní ìdí.

Bí èèyàn bá ṣí PowerPoint, àkọlé ló kọ́kọ́ máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún ò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ti ń yan àwọ̀. Síláìdì kan ṣoṣo ló wà gàdàgbà níwájú rẹ̀, àwọn yòókù ti di kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ẹgbẹ́ ẹni márùn-ún, ẹnì kan ló máa di máòsì mú, àwọn mẹ́rin tó kù á máa wò ó bí ẹní ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tó lóhùn jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọlé. Ẹni tó mọ nǹkan ṣùgbọ́n tí kì í pariwo á dákẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó di máòsì nìkan ló mọ ìdí tí síláìdì kẹfà fi tẹ̀lé ìkarùn-ún, àmọ́ máàkì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Àwọn tó ń fi àwòrán ṣe fíìmù ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ní iléeṣẹ́ Wọ́ọ̀tì Dísínì ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n ń fi píìnì kan àwòrán kéékèèké mọ́ pátákó ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí wọ́n lè rí gbogbo ìtàn kí wọ́n tó ya fíìmù gan-an. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo nínú fíìmù lè gba àwòrán 24. Èyí tí kò bá dáa, wọ́n á tètè yọ ọ́ nígbà tí yíyọ rẹ̀ ò tíì náni ní nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ Jọ́gíráfì kan ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́jọ lórí omíyalé Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ẹni márùn-ún jókòó yí tábìlì ká. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Oníkálùkù á máa kọ gbólóhùn kan sórí bébà kan, máákà ni wọ́n á sì fi kọ ọ́, kì í ṣe báírò. Máákà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù. Bí gbólóhùn ò bá gba ojú bébà oníínṣì mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀, ẹ pín in. Gbólóhùn tó parí là ń wí o. “Pàǹtírí” kò tíì sọ nǹkan kan. “Pàǹtírí dí ojú odò” ló sọ̀rọ̀.

Ká ní bébà 23 ló jáde. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ kádíbọ́ọ̀dù, kí ẹ kó àwọn tó jọra síbì kan. Ẹ lè wá rí i pé mẹ́sàn-án ló ń sọ̀rọ̀ ilé tó wó àti èèyàn tó kú, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló sọ ìdí tí omi ò fi rí ọ̀nà lọ. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹgbẹ́ á wá jùmọ̀ kọ gbólóhùn kan tí wọ́n fẹ́ kí kíláàsì gbé lọ sílé. Orí bébà aláwọ̀ mìíràn ni wọ́n á kọ ọ́ sí, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ sókè pátápátá: “Òjò nìkan kọ́ ló fa ìjàm̀bá Ògùnpa, ọ̀nà omi tí a dí wà nínú ẹ̀.” Bébà tí kò bá ran gbólóhùn yìí lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sí igun kan, torí ẹnì kan lè béèrè ìbéèrè tó máa fẹ́ ẹ. Bí mẹ́jọ bá ṣẹ́ kù, ó tó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Wàyí o, ẹ kà wọ́n sókè láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó lè so bébà kan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí “nítorí náà” tàbí “àmọ́” bá wọlé, ọ̀rọ̀ ń lọ síwájú. Bó bá jẹ́ “bákan náà” ló ń wọlé ṣáá, ẹ kàn ń ka ẹrù ni. Ẹ wo bébà kẹfà: “Lẹ́yìn náà, wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú odò Ògùnpa.” Ìkeje ní: “Omi tún ya Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011.” “Àmọ́” wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ á ní, ṣebí wọ́n ti tún odò ọ̀hún ṣe? Àlàfo wà níbẹ̀. Bébà tuntun kan ló máa dí i: “Ògùnpa nìkan kọ́ ni odò Ìbàdàn, lọ́dún 2011, omi gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, kò sì sí lórí Ògùnpa.” Ó wá di mẹ́sàn-án. Ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ilé tó wó, ó parí. Ọwọ́ ló ṣe gbogbo ẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹnì kan á ní, ṣebí Slide Sorter wà nínú PowerPoint, tó ń fi gbogbo síláìdì hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ó wà lóòótọ́. Àmọ́ kí ẹgbẹ́ tó débẹ̀, wọ́n ti lo wákàtí kan lórí àwòrán àti àwọ̀. Ta ló fẹ́ pa síláìdì tó ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ rẹ́? Bébà tí a fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kọ, kò sẹ́ni tó máa sunkún ẹ̀.

Bébà náà ní àléébù tiẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ ògiri tó ní eruku ṣọ́ọ̀kì. Kádíbọ́ọ̀dù tàbí gíláàsì fèrèsé ló dáa. Bí ẹ bá ń ṣí i kúrò lára ìdì rẹ̀, ẹ fà á láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fà á láti ìsàlẹ̀ sókè, ó máa ká kò, á sì já bọ́. Tí ètò bá ti dúró, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀, torí fáànù ò mojú ẹnì kankan. Ẹni tí kò lówó bébà alẹ̀mọ́ lè gé ojú ìwé kan sí mẹ́rin, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ wọ́n mọ́ orí tábìlì. Bébà ò sì mọ aago: ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu kí ẹnì kan máa wo ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì tí ẹnì kan fẹ́ dá sọ, kò nílò gbogbo èyí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo ń tọrọ ò ju èyí lọ: nínú ogún máàkì, ẹ fi márùn-ún sí kádíbọ́ọ̀dù náà. Ẹ nàka sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, pàápàá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kí ẹ bi í ìdí tí bébà kan fi tẹ̀lé èkejì. Bó bá lè ṣàlàyé, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà.