Orúkọ Tí Etí Gbà, Tí Ìka Lè Tẹ̀

Nígbà tí mo délé sí Ìlúpéjú nínú oṣù Kejìlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Orúkọ mẹ́rin ló kọ síbẹ̀: Wumz, Wumi B, Queen Àbẹ̀kẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ lásán. Ọmọ́wùmí ni wọ́n sọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ó ti ká orin mẹ́ta sílẹ̀, orúkọ tí yóò fi gbé wọn jáde ni kò tíì rí mú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi mú ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó mọ èyí tí ẹnu àwọn òyìnbó á gbà."

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, torí ohun tí orúkọ olórin ń ṣe nílé yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe lókè òkun. Nílé, ẹnu ló ń gbé e kiri. Olórin á pe ara rẹ̀ nínú orin, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á pè é lórí rédíò, àwọn èèyàn á sì máa pè é lóde ìnáwó. Lókè òkun, ìka ló ń wá a. Ẹni tó gbọ́ orin kan nínú bọ́ọ̀sì á fẹ́ tẹ orúkọ náà sórí fóònù kó tó sọ̀kalẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i, ó ti gbàgbé nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún fi ń gé orúkọ kúrú. Helen Fọláṣadé Adú, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, gbé Diamond Life jáde lọ́dún 1984 pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, Sade. Lẹ́tà mẹ́rin péré, ta ni yóò ṣì í tẹ̀? Àmọ́ ọlá ti bọ́ sílẹ̀ nínú Fọláṣadé, ó ku adé nìkan, ṣ sì ti di s. Bùkọ́lá Elémìdé rí ewu yìí ṣáájú. Àṣá ẹyẹ ló yàn, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yọ àmì rẹ̀ kúrò, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àṣà tí gbogbo wa ń dá. Nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2007, ó fi àmì sábẹ́ s, ó sì tún kọ Asha tẹ̀ lé e, kí àjèjì lè mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Aṣa àti Asha: ọ̀kan fún ẹni tó gbọ́ èdè, èkejì fún ẹni tí kò gbọ́.

Nílé, ọ̀nà tí a jogún kì í ṣe gígé, àfikún ni. Oríkì jẹ́ orúkọ àjọjẹ́. Ẹnì kan kì í dá a ni. Nítorí náà ni àwọn àgbà olórin fi ń so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn. Àyìnlá Ọmọwúrà kọ àpàlà l'Ábẹ́òkúta, Kollington Àyìnlá kọ fújì. Oríkì kan náà ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fi èkíní pe èkejì. Dáúdà pọ̀ n'Ìbàdàn bí èrò ọjà, ṣùgbọ́n Dáúdà Epo Àkàrà, ẹyọ kan ni.

Bí ọ̀rọ̀ àfikún náà kò bá sì yani sọ́tọ̀, a ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Wàsíù Àyìndé kọ́kọ́ ń jẹ́ Barrister, bíi ti ọ̀gá rẹ̀, Síkírù Àyìndé Barrister. Àyìndé di méjì, Barrister di méjì. Ẹni tó wà lóde àríyá mọ èyí tó wà níwájú òun, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ẹ̀yìn àwo gbọ́dọ̀ wo orúkọ àkọ́kọ́ dáadáa. Nígbà tó yá, ọmọọṣẹ́ náà fi Barrister sílẹ̀, ó mú Marshal, ó sì di KWAM 1. Lónìí kò sẹ́ni tó ń tẹ KWAM 1 tí yóò bá ẹlòmíràn pàdé.

Àwọn òǹkọ̀wé Èkó náà mọ ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́. Kò pè é ní Sẹ̀gilọlá lásán, nítorí ẹnikẹ́ni lè jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló pè é. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye. Ẹyinjú ẹgẹ́ sì ni ojú tó ń fa ọkùnrin. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ yẹn ti gbọ́ ìdajì ìtàn.

Mo padà sórí ìwé pélébé náà. Wumz rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n "ọmọ wù mí" ti sọnù nínú rẹ̀. B tó wà nínú Wumi B kò sọ nǹkan kan. Queen ti pọ̀ jù láàárín àwọn obìnrin olórin. Àbẹ̀kẹ́ ló ní ìtumọ̀: ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Mo tẹ Abeke sórí fóònù, ogunlọ́gọ̀ èèyàn jáde.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí ojú kì í rí. Lójú wa, ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan. Àmọ́ ẹnì kan lè tẹ e, kó fi àmì sí abẹ́, kó tún fi àmì ohùn sórí. Ẹlòmíràn lè tẹ ẹ ní odindi, kó wá gbé àmì ohùn lé e. Ẹni kẹta lè fi ìlà kékeré sí abẹ́ dípò ẹ̀kán. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí orúkọ mẹ́ta. Bí olórin bá fi ọ̀kan gbé orin oṣù yìí jáde, tó fi òmíràn gbé ti oṣù tó ń bọ̀, orin rẹ̀ lè pín sí ojú ewé méjì bíi ti èèyàn méjì.

Ni mo bá bi í pé, "Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín. Atẹ̀wé ni bàbá rẹ̀, níbí ní Ìlúpéjú, níbi tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti pọ̀. Àtikékeré ni òórùn yíǹkì ti wà lára aṣọ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ Atẹ̀wé. Mo pè é sókè, ohùn rẹ̀ dọ́gba. Mo yọ àmì rẹ̀ kúrò, ó ku Abeke Atewe. Kò ní ṣ tí àjèjì yóò sọ di s. Lẹ́tà mẹ́wàá ni abekeatewe, X sì ń gba 15. A wá a kiri ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, a ò bá olórin kankan tó ń jẹ́ ẹ.

Ó ku etí. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham, ọmọ Jàmáíkà. Mo pe orúkọ náà fún un lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tẹ ohun tó gbọ́ ránṣẹ́. Abeke ló tẹ̀ fún tàkọ́kọ́, ó sì tẹ Ateway fún tèkejì. A rí ibi tó kù sí: ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ ara rẹ̀ nínú orin bíi ti àwọn onífújì, kí ó sì fi Ateway sílẹ̀ lára ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ nípa ara rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lè rí i. Nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tó bá kún, Abeke Atewe ni, láìsí àmì, láìyí padà.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, a fi orúkọ náà hàn án. Ó kà á, ó mú bírò nínú àpò, ó fi ẹ̀kán sábẹ́ mẹ́ta nínú àwọn e mẹ́rin náà, ó sì fi àmì ohùn sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ fi ti fóònù sílẹ̀ bó ṣe wà," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni n ó tẹ ti ẹ̀yìn àwo."