Ọmú Tí Ẹ Fún Sílẹ̀: Ẹ Wo Ooru, Ẹ Wo Iná, Kí Ẹ Tó Ka Wákàtí



Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìyá àgbà kan pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti di omi. Olùkọ́ ni ìyá ọmọ náà, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń fún ọmú sílẹ̀ nílé. Mo ní kí Màmá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ fún mi.

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ife méjì ni ìyàwó wa fi sílẹ̀. Ọ̀kan wà nínú yàrá, aago méje àárọ̀ ló fún un. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, mo rí i pé ó ti pín sí méjì, ọ̀rá lókè, omi nísàlẹ̀. Mo ní ó ti bàjẹ́, mo dà á nù. Èyí tó fún ní alẹ́ àná, tó wà nínú fíríìjì, ni mo fún ọmọ mu."

Mo bi wọ́n pé, "Mà, ṣé iná wà?"

"Iná ti lọ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ṣùgbọ́n inú fíríìjì ló ṣáà wà."

Ẹ wò ó, kì í ṣe àìbìkítà. Màmá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ṣe. Ṣùgbọ́n ife tí wọ́n dà nù ló dára, èyí tí wọ́n fún ọmọ ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. N kò lè búra pé ọmú yẹn ló fa ìgbẹ́ gbuuru náà, nítorí ohun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru pọ̀. A fún ọmọ ní omi oníyọ̀-òun-ṣúgà àti oògùn síńkì, a ní kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú lọ, ara rẹ̀ sì yá. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo wa la ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ káàkiri: wákàtí mẹ́rin nínú yàrá, ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì, oṣù mẹ́fà nínú fìrísà. Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ń sọ ni yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju dígírì 25 lọ, fíríìjì tí wọ́n sì ń sọ ni èyí tí iná rẹ̀ kì í lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá gbé òfin yẹn wá sí Òkè-Ògùn láì tún un ṣe yóò ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti yàrá. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí bí kòkòrò ṣe ń pọ̀ sí i nínú ọmú tí a fún sílẹ̀. Wọ́n ní ní dígírì 15, ó lè wà fún wákàtí 24. Ní dígírì 25, wákàtí 4. Ní dígírì 38, kí a má tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀ síta rárá. Ọmú kan náà ni, ooru ló yàtọ̀. Nínú oṣù kẹta ọdún, ọ̀sán Ṣakí máa ń kọjá dígírì 35, yàrá abẹ́ páànù sì lè gbóná ju ìta lọ. Nítorí náà, ọmú tí a fún ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, lè lo wákàtí mẹ́rin. Èyí tí a fún nígbà tí òógùn ń bọ́ lára wa lábẹ́ òjìji, èmi kì í jẹ́ kí ó kọjá wákàtí méjì. Bí ẹ bá gbé ife tó ní ìdérí sínú abọ́ omi tútù, ní igun tí ẹ ń gbé amù sí, yóò ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn fi kún wákàtí.

Ó kan fíríìjì. Bí iná bá dúró, ọjọ́ mẹ́rin ni, kí ẹ gbé e sí ẹ̀yìn níbi tó tutù jù, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn. Bí iná bá lọ tí ẹ kò sì ṣí i, òtútù inú rẹ̀ lè dúró fún bíi wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́bọ́ọ̀dù lásán ni. Fíríìjì Màmá ti wà láìníná fún wákàtí mẹ́tàlá kí wọ́n tó gbé ife yẹn jáde. Bí iná àdúgbò yín kì í bá dúró, kúlà tí ìdérí rẹ̀ le, tí ẹ to pure water tó ti di yìnyín sí, sàn ju fíríìjì lọ. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì wà nínú rẹ̀, ọmú lè wà níbẹ̀ títí di wákàtí 24.

Ti fìrísà, oṣù mẹ́fà ló dára jù. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá iná lọ tí ohun gbogbo yọ́, tó tún dì nígbà tí ẹ kò sí nílé? Ẹ bu omi sínú ife, ẹ jẹ́ kí ó dì, kí ẹ wá gbé òkúta kékeré kan lé e lórí. Bí ẹ bá dé tí òkúta ti wọ inú yìnyín lọ, ohun inú fìrísà ti yọ́ rí. Ẹ da ọmú yẹn nù. Bí ìdì yìnyín bá ṣì wà nínú ọmú, kò tíì yọ́ tán. Èyí tó bá yọ́ tán nínú fíríìjì, kí ọmọ mu ún láàárín wákàtí 24. Ẹ má dá a padà sínú fìrísà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó léfòó. Bí ọmú ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ó bá jókòó. Ẹ rọra yí ife náà. Bí ó bá pòpọ̀ padà, tí wákàtí rẹ̀ kò sì tíì pé, ó dára. Bí ó bá ń kan, tàbí tó ṣù láì pòpọ̀, ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi imú nìkan ṣe ìdájọ́, nítorí kòkòrò lè ti pọ̀ nínú rẹ̀ kí òórùn tó yí padà. Wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìyá ọmọ nìkan. Ẹni tó wà nílé ló ń di aago mú. Kí ìyàwó kọ aago tó fún ọmú sára ife kó tó jáde, kí Màmá kọ aago tí iná lọ sára ògiri. Ẹni tí kò bá kàwé, kí ó fi okùn tàbí àmì sàmì sí ife àkọ́kọ́. Ife kékeré ni kí ẹ máa lò, nítorí èyí tí ọmọ bá mu kù kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí méjì lẹ́yìn tó mu tán. Bí ó bá tutù, inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ gbé ife sí, ẹ má gbé e ka iná.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, tàbí tó ń ṣàìsàn, kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sétí ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó tó ń bá wa tọ́mọ. Àwọn gan-an ni mo kọ ọ́ fún.