Kí ẹ tó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù, ẹ̀rí wo lẹ ní lọ́wọ́?

Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 láti ₦30,000, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni ló ń retí pé owó tiwọn náà yóò gbéra. Ẹni tó ń gba ₦80,000 á ní bí wọ́n bá fi ₦40,000 kún ti ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó yẹ kí tòun náà lé díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá, àmọ́ òfin ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí òfin sọ ni pé owó oṣù kò gbọdọ̀ kéré sí ₦70,000. Kò pàṣẹ àfikún fún ẹni tó ti ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ ọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń bá ìjọba jókòó lórí owó àwọn tó wà lókè. Ní iléeṣẹ́ tí kò sí ẹgbẹ́, ẹnu ara yín lẹ máa fi sọ ọ́.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ wà. Tí owó yín kò bá tó ₦70,000, tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì tó 25, ẹ̀tọ́ yín lẹ ń béèrè, kì í ṣe ojúrere. Àmọ́ òfin náà yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, àti àwọn tó ń gba kọmíṣọ̀n dípò owó oṣù.

Fún ẹni tó ti kọjá ₦70,000, ẹ̀rí ló kù. “Ọjà ti wọ́n” nìkan ò tó, torí ọ̀gá náà á ní òun pẹ̀lú ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Ohun tó máa ń yí ọ̀gá lọ́kàn padà ni iye tí iṣẹ́ yín ń mú wọlé, tàbí iye tí kò jẹ́ kó sọnù.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níléeṣẹ́ búrẹ́dì ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń gba ₦80,000. Ẹ̀rí rẹ̀ àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́: iṣẹ́ sítọ́ọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó àwọn awakọ̀ ti lọ, wọn ò sì gba ẹlòmíì. Òun ló ń ṣe é. Bí owó ẹni tó lọ bá jẹ́ ₦75,000, iye tí iléeṣẹ́ kò san mọ́ lóṣooṣù nìyẹn.

Ẹ̀rí kejì ni ìwé sítọ́ọ̀. Tẹ́lẹ̀, àpò fúláwà mẹ́ta ló máa ń dín lóṣù. Láti ìgbà tó ti ń kà á láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí ọ̀gá sítọ́ọ̀ sì ń buwọ́ lù ú, ó ti di ẹyọ kan. Ká ní àpò kan jẹ́ ₦60,000, ₦120,000 ló ń dá dúró lóṣooṣù.

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń já ẹ̀rí. Ọ̀gá lè ní ọlọ́dẹ tuntun ló jẹ́ kí olè dínkù. Ìdí nìyẹn tí déètì fi ṣe pàtàkì. Tí ìwé bá fi hàn pé àdánù ti dínkù kí ọlọ́dẹ tó dé, àwíjàre tán. Tó bá jẹ́ oṣù kan náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, kó má fi gbogbo ẹ̀ ṣe tara ẹ̀. Kó gbé ti iṣẹ́ awakọ̀ síwájú, torí ìyẹn ò ní àríyànjiyàn.

Ẹ̀rí kẹta ni iye tí iléeṣẹ́ míì ń san fún irú iṣẹ́ náà. Ẹ wo ìpolówó iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nílùú yín. Ẹ má dárúkọ ẹlẹgbẹ́ yín pé “ẹni báyìí ń gba báyìí”, torí ìjà lẹ̀ ń dá sílẹ̀ fún onítọ̀hún. Ẹ má sì fi fóònù ya ìwé àṣírí iléeṣẹ́ lọ sílé. Wọ́n lè torí ẹ̀ dá yín dúró. Ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ni kẹ́ ẹ máa kọ sínú ìwé tiyín.

Gbogbo ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Kí obìnrin wa dárúkọ iye kan pàtó, ká ní ₦115,000. Àfikún ₦35,000 nìyẹn, kò sì tó ìdajì owó ẹni tó lọ. Kó sọ ọ́ kí iléeṣẹ́ tó ṣètò owó ọdún tuntun, kì í ṣe ọjọ́ tí ọjà kò tà.

Tí ọ̀gá bá ní “kò sí owó”, ìbéèrè tó kàn ni: “Ọ̀gá, oṣù wo la lè tún un sọ, kí sì lẹ fẹ́ rí kó tó dìgbà yẹn?” Kó kọ ìdáhùn ọ̀gá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyẹn náà ti di ẹ̀rí fún ìgbà tó ń bọ̀.